Họ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀bù tẹ́lọ̀: kọ́sítọ́mà dúró lórí fóònù, kò gbọ́ nǹkan kan

ÌBÉÈRÈ: Bọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ṣọ́ọ̀bù tẹ́lọ̀ ní Kúbúwà níbí, fóònù orí tábìlì mẹ́ta la ní pẹ̀lú àpótí kékeré tó so wọ́n pọ̀. Mo sanwó kí wọ́n ṣe ọ̀rọ̀ tí á máa sọ tá a bá ní kí kọ́sítọ́mà dúró ná: ìgbà tá a ń ṣí, iṣẹ́ tá a ń ṣe, àti pé kí wọ́n rántí bálánsì. Lórí lápútọ́ọ̀pù ó dùn gan-an. Ṣùgbọ́n wọ́n á dúró tán, wọ́n á tún bi wá pé aago mélòó lẹ ń ṣí. Ẹnì kan ní ó dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú dúrọ́ọ̀mù omi.

ÌDÁHÙN: Àǹtí, orin tí wọ́n fi sábẹ́ ohùn yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí. Mi ò tíì gbọ́ ọ o, ṣùgbọ́n dúrọ́ọ̀mù omi tẹ́ ẹ sọ yẹn ti tú àṣírí ẹ̀.

Fóònù kì í gbé gbogbo ohùn. Láti bíi 300 họ́tìsì dé 3400 ló ń gbé, ohun tó wà nísàlẹ̀ ìyẹn (ìlù ńlá, bàsì) kì í kọjá, ohun tó wà lókè rẹ̀ náà kì í kọjá. Ìyẹn kò tíì burú. Ibi tó ti burú ni pé fóònù alágbèéká máa ń fún ohùn pọ̀ kó lè kéré, ọ̀nà tó sì ń gbà fún un, ọ̀rọ̀ ẹnu èèyàn ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe é, kì í ṣe fèrè àti gìtá. Tó bá rí orin, á gbìyànjú láti kà á bí ọ̀rọ̀ ẹnu, ibẹ̀ ni omi ti ń wọ̀ ọ́. Yàtọ̀ síyẹn, ohun kan wà lójú ọ̀nà tó ń gé ariwo kúrò, kí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò má bàa bo ọ̀rọ̀ yín mọ́lẹ̀, òun náà kì í mọ orin yàtọ̀ sí jẹnẹrétọ̀, bó ṣe ń gé orin ló ń gé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí orin náà. Lápútọ́ọ̀pù kò ní ìkankan nínú gbogbo ìyẹn, òun ló fà á tó fi dùn níbẹ̀, ẹni tó ṣe é fún yín kàn fi sí kọ̀mpútà rẹ̀, ó gbọ́ ọ, ó gbowó.

Ẹ ṣe báyìí kẹ́ ẹ lè mọ̀ dájú. Kí ọmọ iṣẹ́ kan pe tábìlì kejì láti tábìlì kìíní nínú ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n fi í sí họ́ọ̀dù, kó gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà kí ẹ̀yin fi fóònù ọwọ́ yín pè wọlé látìta, kẹ́ ẹ jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù díẹ̀, kí wọ́n fi yín sí họ́ọ̀dù. Tó bá dáa nínú tó sì bàjẹ́ látìta, orin ni. Tó bá bàjẹ́ níbi méjèèjì, fáìlì fúnra rẹ̀ ló láìsàn, wọ́n ká a sókè jù tó fi ń ya, tàbí àpótí yín ló yí i padà láìdáa.

Mo bá irú èyí pàdé ní Gárìkì. Oníṣọ́ọ̀bù náà rán agbádá àti kàfutáánì, ọ̀rọ̀ họ́ọ̀dù rẹ̀ gùn tó mínítì kan àti ìṣẹ́jú àáyá àádọ́ta, gángan ń dún lábẹ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan mo jókòó pẹ̀lú aago, mo ka ìpè mẹ́wàá. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, láàrin ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sí ogójì ni wọ́n fi dúró. Mo wá gbọ́ fáìlì náà pẹ̀lú aago: ogún ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́, ìlù àti ẹ kú àbọ̀ ni, lẹ́yìn ẹ̀ ó ń ka gbogbo ohun tí wọ́n ń rán títí dórí fìlà ọmọ ìkókó, ó tó nǹkan bí àádọ́ta ìṣẹ́jú àáyá kó tó kan aago tí wọ́n ń ṣí. Ọ̀rọ̀ bálánsì, ìparí ló wà pátápátá. Ìyẹn ni pé tí ohùn náà bá tiẹ̀ mọ́ kedere bíi dígí, kò sẹ́ni tó máa débẹ̀, wọ́n á ti gbé fóònù kí ó tó débẹ̀.

A yọ orin, a sì dín ọ̀rọ̀ kù. Mo kọ ọ́ báyìí, ẹ lè yí i sí tiyín:

«Ẹ kú ìdúró o. Ṣọ́ọ̀bù tẹ́lọ̀ wa lẹ pè. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ la ń ṣí, aago méje ìrọ̀lẹ́ la ń tì, Mọ́ńdè sí Sátidé. Lọ́jọ́ Jímọ̀ a máa ń tì díẹ̀ fún ìrun, láti aago kan sí aago méjì ààbọ̀. A kì í ṣí lọ́jọ́ Sọ́ńdè. A ń rán aṣọ ọkùnrin àti obìnrin, a sì ń tún aṣọ ṣe. Ìdajì owó la ń gbà ká tó gé aṣọ, ìyókù ká tó gbé e lé yín lọ́wọ́. Ẹ má pa fóònù, a ń bọ̀ wá bá yín.»

Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ó tó ìdajì mínítì tàbí kó lé díẹ̀. Ẹ wo bí aago ṣe wà níwájú. Orúkọ aṣọ ni mo gé jù, torí ẹni tó ń pe tẹ́lọ̀ mọ̀ pé tẹ́lọ̀ ló ń pè, kò nílò kẹ́ ẹ ka bùbá fún un. Ti Jímọ̀ yẹn, ẹ má yọ ọ́ ní Àbújá níbí o, torí ẹni tó bá dé ní aago kan ààbọ̀ tó bá ilẹ̀kùn ní títì, á rò pé ẹ ti lọ sílé.

Ohun kan wà tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ títí kọ́sítọ́mà kan fi dé ní aago mẹ́fà àárọ̀ tó ń kan ilẹ̀kùn ọlọ́dẹ. Ó ní «mẹ́fà» lòun gbọ́. Lẹ́tà s, ibi tó ti mú jù nínú ohùn rẹ̀ kọjá 3400 yẹn, fóònù gé e dànù, ohun tó kù wá jọ f. Ẹni tó bá ń sọ ọ́ gbọ́dọ̀ fa «sàn-án» gùn, kó sì sinmi díẹ̀ kó tó sọ ọ́ àti lẹ́yìn tó bá sọ ọ́ tán.

Tẹ́ ẹ bá ti ká a tán láìsí orin, ẹ jẹ́ kí ọmọkùnrin tó mọ kọ̀mpútà fi èyí pèsè ẹ̀ fún fóònù:

```
ffmpeg -i oro.mp3 -af "highpass=f=300,lowpass=f=3400" -ar 8000 -ac 1 -c:a pcm_s16le oro.wav
```

Ohun tó ṣe ni pé ó gé ohùn sí ìwọ̀n tí fóònù lè gbé, ó sì sọ ọ́ di ẹyọ kan dípò ọ̀tún àti òsì. Lẹ́yìn náà ẹ tún fi fóònù ọwọ́ pè wọlé, ẹ má fi lápútọ́ọ̀pù dánwò mọ́ láyé. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ orin dandan, ẹ fi í sí ẹ̀yìn ọ̀rọ̀, bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kó má wà lábẹ́ ohùn. Á ṣì bàjẹ́ díẹ̀ o, ṣùgbọ́n kò ní ba aago jẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Bọ̀dá, a ti yọ orin, ó mọ́ gan-an báyìí, ẹ ṣeun. Àmọ́ àwọn kan ní àárín ọ̀rọ̀ làwọn bọ́ sí, wọ́n gbọ́ «ìyókù ká tó gbé e lé yín lọ́wọ́» nìkan. Ìyá kan sì bínú, ó ní òun ti sanwó tán, kí ló dé tá a ń bi òun ní gbèsè lórí fóònù.

ÌDÁHÙN: Ẹ wo ẹ̀yìn àpótí yẹn. Tí wáyà ohùn kan bá wọ ihò kan níbẹ̀ látinú ẹ̀rọ kékeré mìíràn, ohùn yẹn ń yí lọ tọ̀sán-tòru bíi rédíò, ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá fi sí họ́ọ̀dù, ibi tó bá bá a ló bọ́ sí. Kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa dá a dúró dè é. Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe ni kẹ́ ẹ sọ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan kó dá dúró lórí ara rẹ̀, kẹ́ ẹ sì tún aago ìṣí sọ lẹ́ẹ̀kejì nígbà tó bá kù díẹ̀ kó parí.

Tó bá jẹ́ Asterisk, ètò kọ̀mpútà kan tó ń darí ìpè, ló wà nínú àpótí náà, inú rẹ̀ ni fáìlì wà, tẹ́ ẹ bá sì kọ ọ́ báyìí nínú `musiconhold.conf`, kọ́sítọ́mà kọ̀ọ̀kan á bẹ̀rẹ̀ látorí fáìlì àkọ́kọ́:

```
[sobu]
mode=files
directory=/var/lib/asterisk/moh/sobu
sort=alpha
```

Lẹ́yìn náà ẹ tẹ `asterisk -rx "moh reload"`, kí ẹni tó ṣe é sì rí i pé `sobu` ni orúkọ tí láìnì yín ń lò, torí tí kò bá yí i, orin ìpilẹ̀ ni á ṣì máa dún tí ẹ ó sì máa wá ẹ̀ṣẹ̀ sínú fáìlì. Tí ẹ bá fi ẹnì kan sí họ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀mejì nínú ìpè kan náà, ibi tó dé tẹ́lẹ̀ ló máa tẹ̀síwájú, kì í ṣe àbùkù.

Ti ìyá yẹn, ó jàre. Àárín ọ̀rọ̀ ló bọ́ sí, kò gbọ́ «la ń gbà» tó ṣáájú, ohun tó kù wá dún bíi kí òun mú owó wá. Ẹ sọ ọ́ bí òfin ṣọ́ọ̀bù, lódidi, nínú gbólóhùn méjì: «Ìdajì owó ni gbogbo kọ́sítọ́mà wa ń san ká tó gé aṣọ. Ìyókù, gbogbo wọn ló ń san án lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá gbé aṣọ.» «Gbogbo kọ́sítọ́mà» yẹn ni kò ní jẹ́ kó kan ẹnì kan. Ẹ má ka nọ́ńbà àkáǹtì síbẹ̀ rárá. Ta ló máa rí bírò kọ nọ́ńbà mẹ́wàá nínú takísí? Ọmọlúwàbí kò sì ní mọ̀ bóyá ẹ̀yin lẹ kà á àbí ẹlòmíì tó ti bá yín yí fáìlì padà. Ẹ fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ láti láìnì ṣọ́ọ̀bù sí ẹni tó jẹ bálánsì nìkan.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, èmi kò ní àpótí kankan, síìmù kan ni mo fi ń ṣiṣẹ́ ní Ńyányà. Ṣé mo lè fi irú ọ̀rọ̀ báyìí sí i?

ÌDÁHÙN: Rárá o, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tẹ họ́ọ̀dù lórí fóònù ọwọ́, ohun tí ẹni kejì ń gbọ́, ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ti ń wá, kò kan fóònù yín. Orin tí wọ́n ń gbọ́ kẹ́ ẹ tó gbé e yàtọ̀ síyẹn, kò sì ní dún mọ́ tẹ́ ẹ bá ti gbé e. Ohun tó rọrùn jù fún síìmù kan ni kẹ́ ẹ kọ aago ìṣí àti ọ̀rọ̀ ìdajì owó sí ojú prófáìlì Wásáàpù Bísínẹ́ẹ̀sì yín, kẹ́ ẹ sì ṣètò ìdáhùn aládàáṣe níbẹ̀ fún ìgbà tẹ́ ẹ bá ti ti ṣọ́ọ̀bù. Tẹ́ ẹ bá ní fóònù méjì tó ń dún pọ̀ lójoojúmọ́, nígbà yẹn lẹ lè wá ra àpótí.

Nígbà tẹ́ ẹ bá rà á, ẹ pín ọ̀rọ̀ sí fáìlì mẹ́ta: `1-aago.wav`, `2-ise.wav`, `3-owo.wav`. Tí Ààwẹ̀ bá dé tí aago yí, `1-aago.wav` nìkan lẹ máa pààrọ̀. Oníṣọ́ọ̀bù Gárìkì yẹn kò ṣe bẹ́ẹ̀, ó ká gbogbo ẹ̀ pọ̀ fún Iléyá, nígbà tí mo tún pè é ní bíi oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ọdún, ó ṣì ń sọ fún mi lórí họ́ọ̀dù pé àwọn kò gba aṣọ tuntun mọ́ títí ọdún máa fi lọ.