Àwọn tó ń tẹ̀lé wa pé ẹgbàárùn-ún: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí gífáwéè ìpara

Mo kọ ọ́ pé òru Jímọ̀ ló máa parí. Wọ́n ṣì ń bi mí pé ìgbà wo ni.

Òru wo? Ẹlòmíì á kà á sí òru Ọjọ́bọ̀ mọ́jú Jímọ̀, ẹlòmíì á ní Jímọ̀ mọ́jú Sátidé ni, kò sì sí ẹni tó jẹ̀bi nínú wọn. Ẹ kọ ọ́ báyìí: agogo 11:59 alẹ́ Jímọ̀, ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ, àkókò Nàìjíríà. Ẹ má yọ "àkókò Nàìjíríà" yẹn kúrò. Oníbàárà tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè fi àdírẹ́sì ìyá rẹ̀ ní Ìbàdàn kópa; nínú oṣù Kẹjọ agogo tiwọn bá tiwa dọ́gba, ṣùgbọ́n nígbà òtútù wọn, wákàtí kan ni tiwọn fi ń rẹ̀yìn. Kí gbólóhùn náà wà lókè pátápátá, torí Instagram máa ń gé ọ̀rọ̀ gígùn, á fi ìyókù pamọ́ sẹ́yìn `more`, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í sì í tẹ̀ ẹ́.

Ẹnì kan tó kópa ní òun ti gbé ìkéde náà sórí sítọ́rì òun, mi ò rí i.

Bóyá ó ti àkáǹtì rẹ̀ pa, ẹ ò sì sí lára àwọn tó gbà láàyè. Bóyá wákàtí 24 ti kọjá, sítọ́rì ti lọ. Ẹ má fi sítọ́rì ṣe òfin ìkópa mọ́. Kọ́mẹ́ǹtì ni kẹ́ ẹ lò.

Ṣé mo lè ní kí wọ́n táàgì ara wọn sójú fọ́tò ìpara náà?

Rárá. Instagram kò gbà kí ẹ ní kí èèyàn táàgì ara rẹ̀ sí fọ́tò tí kò sí nínú rẹ̀. Wọ́n tún ní kí ẹ kọ ọ́ sínú ìkéde pé àwọn kọ́ ló ń ṣe ẹ̀bùn náà, àti pé ẹni tó bá kópa kò ní fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ mú àwọn.

Ẹnì kan kọ kọ́mẹ́ǹtì méjìdínlógójì. Ṣé gbogbo rẹ̀ ni mo máa kà?

Ohun tí ẹ kọ sínú òfin ni ẹ máa tẹ̀lé. Tí ẹ ò bá kọ iye ìgbà, gbogbo rẹ̀ lẹ máa kà, torí ẹ ò sọ fún un pé kó má ṣe é. Ibí yìí ni èmi gan-an ti jìyà.

Nígbà tí àwọn tó ń tẹ̀lé èmi àti ọṣẹ dúdú mi pé ẹgbàárùn-ún, mo ní kí wọ́n kọ kọ́mẹ́ǹtì, kí wọ́n dárúkọ ọ̀rẹ́ kan. Mi ò sọ pé ẹ̀ẹ̀kan. Kọ́mẹ́ǹtì 412 ló wọlé. Mo to orúkọ wọn sínú Google Sheets lọ́kọ̀ọ̀kan, láti A1 dé A412. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú mo wọ orí Live, mo kọ kámẹ́rà sí ojú kọ̀ǹpútà, mo tẹ èyí sínú àpótí kan:

```
=RANDBETWEEN(1,412)
```

Ó gbé 187 jáde. Mo pe nọ́ńbà náà sókè, mo wá orúkọ tó wà ní ìlà 187, mo sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà kí gbogbo wọn lè rí i. Bí mo ṣe tẹ Enter báyìí, 187 di 52. Ojú gbogbo àwọn tó ń wò ló ṣe. Mo pa orúkọ náà rẹ́, 52 di 309. Kí n tó mọ ohun tí màá sọ, "ojóró" ti kún ìsàlẹ̀ fídíò. Mo pa Live, ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Mo rò pé kọ̀ǹpútà mi ló bàjẹ́. Mo pa á, mo tún un tàn, nọ́ńbà tún yí. Mo gba ti àbúrò mi, bákan náà ni. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi bá a fà á kó tó yé mi pé kò sí ohun tó bàjẹ́: bí fọ́múlà yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ìgbàkígbà tí ẹ bá yí nǹkan padà nínú ṣíìtì náà, ì báà ṣe lẹ́tà kan ṣoṣo, á tún mú nọ́ńbà tuntun.

Ohun tó ń mú un dúró ni pé kí ẹ tẹ Ctrl+C lórí àpótí náà, kí ẹ sì tẹ Ctrl+Shift+V lórí àpótí kan náà. Fọ́múlà á kúrò, nọ́ńbà nìkan á kù. Kí ẹ tó fa nọ́ńbà rárá, ẹ sọ fún àwọn tó ń wò pé èyí tó bá kù síbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni ẹ máa lò. Ẹ má kọ ohunkóhun sínú ṣíìtì kí ẹ tó ṣe é.

Mo tún un fà ní Àìkú kejì lójú gbogbo wọn. Orúkọ 412 náà ni mo lò, torí kò dáa kí n sọ pé "ẹ̀ẹ̀kan péré" lẹ́yìn tí àwọn kan ti kọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Mo sì fún ẹni 187 ní tirẹ̀, torí nọ́ńbà rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ pè. Láti ìgbà náà, "ẹnì kan, ẹ̀ẹ̀kan" ti wà nínú òfin mi, mo sì ń tẹ èyí sínú B1 láti yọ àwọn orúkọ tó bá tún ara wọn wí kí n tó fa nọ́ńbà:

```
=UNIQUE(A1:A412)
```

Ẹ ka iye orúkọ tó bá kù lábẹ́ B, òun ni kí ẹ fi rọ́pò 412 nínú fọ́múlà àkọ́kọ́, ibẹ̀ náà sì ni kí ẹ ti wá orúkọ ẹni tó jẹ.

Ẹnì kan ṣe àkáǹtì tó jọ tèmi, ó ń sọ fún wọn pé wọ́n ti jẹ ẹ̀bùn, kí wọ́n san owó ìfiránṣẹ́.

Wọ́n á kó fọ́tò yín, wọ́n á fi àmì `_` tàbí àmì ìdánudúró kan kún orúkọ yín, wọ́n á sì máa bá gbogbo ẹni tó kọ kọ́mẹ́ǹtì sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Ẹ tẹ `Report` lórí rẹ̀, kí ẹ sì ní kí àwọn oníbàárà yín náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti sanwó, kó pe báǹkì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ máa san owó ìfiránṣẹ́. Bí ẹ bá ti ń gba ẹgbẹ̀rún méjì náírà lọ́wọ́ ẹni tó jẹ, báwo ni oníbàárà ṣe fẹ́ mọ̀ yín yàtọ̀ sí olè?

Mo fẹ́ kó jẹ́ ẹni tó bá rajà nìkan ló máa kópa.

Ẹ lọ bá agbẹjọ́rò kí ẹ tó kéde. Tí èèyàn bá gbọ́dọ̀ sanwó kó tó wọlé, tó sì jẹ́ orí ire ló ń mú ẹni tó jẹ, ọ̀rọ̀ ti ń di ti lọ́tìrì nìyẹn, lọ́tìrì sì ń fẹ́ ìwé àṣẹ. Ní oṣù Kọkànlá 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ fagi lé òfin lọ́tìrì ìjọba àpapọ̀ ti 2005, ó ní ọwọ́ àwọn ìpínlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà wà. Òfin ìpínlẹ̀ yín ni agbẹjọ́rò máa wò.

Ẹ kúkú bá mi kọ ìkéde náà.

"Ó parí ní agogo 11:59 alẹ́ Jímọ̀, ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ, àkókò Nàìjíríà. Ẹ ti pé ẹgbàárùn-ún, ẹ ṣeun! Èèyàn mẹ́ta máa gba ọṣẹ dúdú kan àti ike òrí kan. Ẹ tẹ̀lé wa, kí ẹ kọ kọ́mẹ́ǹtì sábẹ́ fọ́tò yìí, kí ẹ sì dárúkọ ọ̀rẹ́ kan. Ẹnì kan, ẹ̀ẹ̀kan. Ẹni tó ti pé ọdún 18, tó ní àdírẹ́sì ní Nàìjíríà. A ó fa nọ́ńbà lórí Live ní agogo 4 ìrọ̀lẹ́ Àìkú, ọjọ́ 16. Ẹni tó bá jẹ ní wákàtí 48 láti dá wa lóhùn. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, a ó fa ẹlòmíì. Àwa la máa san owó ìfiránṣẹ́, a ò ní gba kọ́bọ̀. Tí òrí tàbí ọṣẹ dúdú kì í bá bá ara yín mu, ẹ má kópa. Instagram kọ́ ló ń ṣe ẹ̀bùn yìí, ẹni tó bá sì kópa kò ní fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ mú wọn."

Tó bá ti jáde tí kọ́mẹ́ǹtì kan ti wọlé, ẹ má tún òfin rẹ̀ kọ mọ́. Tí àṣìṣe bá wà níbẹ̀, ẹ sọ ọ́ nínú kọ́mẹ́ǹtì tiyín, kí ẹ sì gbé e sókè pátápátá pẹ̀lú `Pin`.