Ẹ Béèrè fún Ẹ̀ka Kan Ṣoṣo

Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé-iṣẹ́ akẹ́rù kékeré, bí ẹ bá ń kọ ímeèlì àbá àjọṣepọ̀ sí ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ ní ilé ìtajà ẹlẹ́ka púpọ̀, ẹ má ṣe béèrè fún gbogbo ẹ̀ka náà. Ẹ dábàá ìdánwò ọ̀sẹ̀ 4 ní ẹ̀ka kan, kí ẹ sì sọ iye tí agbára yín ká: bí àpẹẹrẹ, alùpùpù 2, ẹrù 40 lóòjọ́, èyí tó bá sì dé lẹ́yìn aago 2 ọ̀sán di ti ọjọ́ kejì. Ẹ kọ ohun tí ẹ ó ṣe bí oníbàárà kò bá sí nílé, àti ẹni tí yóò san owó ẹrù tó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ yín, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ojú ọ̀gá náà yóò kọ́kọ́ lọ. Ìtàn ìdásílẹ̀ ilé-iṣẹ́ yín, lójú tèmi, lè dúró ná.