Bí mo ṣe ṣírò owó tó ń jò nínú àkáǹtì ẹ̀gbọ́n mi

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, ní kí n bá àwọn yẹ àkáǹtì àwọn wò, torí pé owó oṣù kì í bá wọn dé ìparí oṣù mọ́. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi gba àkọsílẹ̀ oṣù mẹ́tàlá nínú áàpù báńkì yín." Wọ́n bi mí pé ṣé oṣù mẹ́ta ò tó ni. Kò tó, nítorí owó tó ń jáde lẹ́ẹ̀kan lọ́dún lè má sí nínú oṣù mẹ́ta yẹn rárá. Tó bá jẹ́ mẹ́tàlá, gbogbo owó tó ń lọ lọ́dọọdún ló máa wà níbẹ̀, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan, a sì lè rí òmíràn lẹ́ẹ̀mejì.

Fáìlì CSV ni mo gbà, kì í ṣe PDF, kí n lè fi kọ̀ǹpútà tò ó. Orúkọ ẹni tó ń gba owó ni mo fi tò ó, mi ò fi iye owó tò ó, nítorí iye máa ń yí padà bí ilé iṣẹ́ bá fi owó kún ọjà rẹ̀. Bí orúkọ kan náà ṣe tò tẹ̀léra báyìí, ojú rí wọn kíákíá.

Lẹ́yìn náà ni mo wo ọ̀nà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà jáde. SO ni sítáńdìn ọ́dà: ẹni tó ni àkáǹtì ló pa àṣẹ rẹ̀, bí kò bá sì dá ọjọ́ ìparí fún un, kò ní dúró. DD ni dáírẹ́ẹ̀tì dẹ́bíìtì, èyí tí ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ń fà láti inú àkáǹtì. Méjèèjì yìí, áàpù báńkì máa ń tò wọ́n sí ojú kan. Ẹ̀kẹta ló ń sá pamọ́: owó tí ilé iṣẹ́ ń yọ lórí nọ́ńbà káàdì. Kì í sí nínú àtòjọ DD, àárín owó ọjà àti owó bọ́ọ̀sì ló máa ń wà. Èyí tó jọ APPLE.COM/BILL tún le jù, nítorí ohun mẹ́ta lè wà lábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo. Inú fóònù, níbi tí a ń rí "Subscriptions", la ti mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Mo ka orúkọ kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbọ́n mi létí, mo sì ń bi wọ́n pé ìgbà wo lẹ lò ó kẹ́yìn. Mi ò fúnra mi pinnu ohunkóhun. Owó kékeré kan wà tí mo rò pé kò wúlò, àṣé ìtọrẹ àánú tí wọ́n fẹ́ràn ni. Ó dúró. Mẹ́rin ni wọ́n ní àwọn ò lò mọ́: owó ẹgbẹ́ tí kì í pàdé mọ́, £10 lóṣù lórí SO, ilé eré ìdárayá, £24.99 lóṣù lórí DD. Áàpù ìdáná kan, £3.99 lọ́sẹ̀, àti ètò ìdáàbòbò fún kọ̀ǹpútà tó ti bàjẹ́, £79.99 lọ́dún, tó máa ń jáde nínú oṣù kọkànlá.

Ibi ìsọdipúpọ̀ ni ó yẹ kéèyàn fara balẹ̀. Ti ọ̀sẹ̀, 52 la fi ń sọ ọ́ di púpọ̀, kì í ṣe 48. Bó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin, 13 ni, kì í ṣe 12. Nínú tábìlì ìṣirò orí kọ̀ǹpútà, mo fi iye owó sí òpó B, iye ìgbà lọ́dún sí òpó C, fọ́múlà yìí sì sọ wọ́n di púpọ̀, ó tún ro wọ́n pọ̀:

```
=SUMPRODUCT(B2:B5,C2:C5)
```

£120, £299.88, £207.48 àti £79.99: àpapọ̀ wọn jẹ́ £707.35. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n tún un ṣe. Iye kan náà ló jáde.

A pa SO rẹ́ nínú áàpù báńkì, ó parí síbẹ̀. Ti ilé eré ìdárayá kò rí bẹ́ẹ̀: báńkì lè dá DD dúró lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n àdéhùn ṣì wà nílẹ̀, ilé iṣẹ́ náà sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè gbèsè. Nítorí náà a kọ́kọ́ kọ̀wé sí wọn, a sì fún wọn ní ìkìlọ̀ oṣù kan tí àdéhùn sọ. Áàpù ìdáná ti kúrò lórí fóònù tipẹ́, àmọ́ píparẹ́ rẹ̀ kò dá owó dúró. Inú "Subscriptions" la ti pa á. Ti kọ̀ǹpútà, a wọ ojú ìwé wọn, a yọ ìsọdọ̀tun aládàáṣe kúrò kí oṣù kọkànlá tó dé. Bí wọn ò bá gbà ni, à bá ní kí báńkì dá a dúró. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó di dandan fún báńkì láti dá owó orí káàdì dúró bí oníbàárà bá ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Gbígba káàdì tuntun nìkan lè má dá a dúró, nítorí nọ́ńbà tuntun lè tẹ ilé iṣẹ́ lọ́wọ́ láìjẹ́ pé oníbàárà fún un.

Mo béèrè bóyá owó tó ti lọ lè padà. Ààbò tó wà lórí DD máa ń dá owó padà nígbà tí àṣìṣe bá wà nínú yíyọ rẹ̀. Àìlo nǹkan kì í ṣe àṣìṣe, nítorí náà a fi èyí sílẹ̀.

Nígbà tí àkọsílẹ̀ oṣù tó tẹ̀lé e jáde, a jọ kà á. Owó ẹgbẹ́ ò sí, áàpù ìdáná ò sí. £24.99 ti oṣù ìkìlọ̀ ló jáde lẹ́ẹ̀kan, bí àdéhùn ṣe wí, èyí tó mú ohun tó kù lọ́wọ́ wọn fún ọdún àkọ́kọ́ jẹ́ £682.36.