Bí Pírẹ́ṣọ̀ Pọ́ọ̀tù Bá Dákẹ́ Lórí Iná

Ní àdúgbò wa ní Iléṣà, màmá kan gbé ẹ̀wà ka iná nínú pírẹ́ṣọ̀ pọ́ọ̀tù. Ẹ̀wà àti omi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọmọrí. Nígbà tó yá, irin kékeré orí ọmọrí tó ti ń dún ṣíí-ṣíí dákẹ́. Màmá rò pé iná ló kéré, wọ́n bá fi kún gáàsì, wọ́n jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Kò pẹ́ tí rọ́bà kékeré inú fáàfù fi fò yọ, tí ẹ̀wà gbígbóná ta dé àjà. Ọpẹ́ ni pé wọn ò sí nítòsí.

Bí ẹ̀wà bá ń hó, ìfófòó rẹ̀ máa ń gbé èèpo sókè. Èèpo yẹn ló lọ dí ihò tí ooru ń gbà jáde lábẹ́ irin náà. Ooru ò rọ́nà mọ́, agbára rẹ̀ ń pọ̀ sí i, fáàfù sì já kí ìkòkò má baà bẹ́.

Torí náà, bí ìkòkò bá dákẹ́ lójijì tí iná ṣì ń jó, ẹ pa iná. Ẹ má gbé e, ẹ má fọwọ́ kan irin orí rẹ̀, ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá. Bí ọmọrí bá ń le láti yí, ooru ṣì wà nínú. Ẹ má fipá ṣí i.

Kí ẹ tó gbé e kaná nígbàkúùgbà, ẹ yọ irin yẹn, kí ẹ na ọmọrí sí ìmọ́lẹ̀, kí ẹ wo inú ihò. Bí ẹ ò bá rí òdìkejì, ẹ ki ẹyọ ìgbálẹ̀ kan bọ̀ ọ́, kí ẹ da omi gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ̀wà àti omi rẹ̀ ò gbọdọ̀ ju ìdajì ìkòkò lọ. Ẹran lè dé ìdá méjì nínú mẹ́ta.

Ẹnìkan ní kí màmá fi ìṣó dí ojú fáàfù tó já. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ṣe é. Bí ihò ooru bá tún dí, ìṣó ò ní já. Ìkòkò ni yóò bẹ́. Fáàfù irú ìkòkò yẹn gan-an ni kí ẹ rà.

Ó ku rọ́bà ńlá etí ọmọrí. Ẹ máa yọ ọ́ lẹ́yìn ìdáná kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ọṣẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ̀ ọ́, ẹ sá a síbi tí oòrùn ò dé. Ẹ má ti ọmọrí pa bí ẹ bá ń gbé ìkòkò pa mọ́. Ẹ dojú ọmọrí dé e lásán, kí rọ́bà má baà tẹ̀ pẹrẹsẹ. Bó bá ti le gbandi, tó sán, tàbí tí omi ń kán létí ọmọrí, ó ti gbó. Ẹ mú ògbólógbòó náà dání lọ sí ọjà Àtàkúnmọ̀sà, kí ẹ fi tuntun lé e lórí kí ẹ tó sanwó, torí ojú lásán ò lè wọn ọ́n. Bí ẹ bá délé, ẹ kọ́kọ́ fi ife omi méjì nìkan dán an wò: irin orí gbọ́dọ̀ dún, etí ọmọrí gbọ́dọ̀ gbẹ.