Àpò kan, òǹrajà mẹ́ta: bí mo ṣe kọ àpèjúwe rẹ̀ láìyí òótọ́ kankan padà

Iṣẹ́ àpèjúwe ọjà ni mò ń ṣe. Oníbàárà mi kan tó ń rán àpò ìgbékẹ́yìn fi àpèjúwe kan ránṣẹ́ sí mi, ó ní kí n sọ ọ́ di mẹ́ta: ọ̀kan fún akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀kan fún òbí tó ń ra àpò fún ọmọ, ọ̀kan fún òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì. Àpò kan náà ni gbogbo wọn máa rà. Nítorí náà, èyíkéyìí tí èèyàn bá kà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ohun kan náà ló gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa àpò yẹn nígbà tó bá kà á tán.

Kí n tó kọ ohunkóhun, mo tú àpèjúwe tí wọ́n fún mi palẹ̀. Mo yọ ọ̀rọ̀ ìpọ́n-ọjà kúrò nínú rẹ̀, irú bíi “àpò tó gbayì”, nítorí kò sí ohun tí èèyàn lè fojú rí tàbí kó fi òṣùwọ̀n wọ̀n níbẹ̀. Ohun tó ṣẹ́kù ni mo kọ sílẹ̀, tí mo sì fún ní nọ́ńbà. Àpò náà gba lítà 22. Lófìfo, gíráàmù 900 ni ìwọ̀n rẹ̀. Ó ní ibi àdádó kan tí wọ́n fi fóòmù tẹ́, tó gba kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ojú rẹ̀ kò ju ínṣì 15.6 lọ. Ó ní àpò kékeré méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún ike omi, àti ìlà funfun kan lẹ́yìn tó máa ń kọ mànà bí iná ọkọ̀ bá tàn sí i. Òjò wínníwínní kì í wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n òjò ńlá lè gba ojú síìpù wọlé. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́, kì í wọ ẹ̀rọ ìfọṣọ. Gárántì ọdún 2 wà lórí síìpù àti ojú rírán, kò sí lórí aṣọ tó bá ya.

Mẹ́ta tó gbẹ̀yìn ni mo ṣọ́ jù lọ, nítorí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní ibi tó mọ. Mo kọ òótọ́ kọ̀ọ̀kan àti ààlà rẹ̀ sábẹ́ nọ́ńbà kan náà. Tí èèyàn bá ń gé ọ̀rọ̀ kúrú, ààlà yẹn ló kọ́kọ́ máa ń bọ́ sọnù, tí “òjò wínníwínní kì í wọ̀ ọ́” á sì di “omi kì í wọ̀ ọ́”.

Lẹ́yìn náà, mo béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ta àpò náà pé ìbéèrè wo ni oníkálukú máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n. Wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ mọ̀ bóyá ẹrù òun máa gbà. Òbí fẹ́ mọ̀ bóyá yóò pẹ́ lọ́wọ́ ọmọ. Òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì fẹ́ mọ ibi tí kọ̀ǹpútà òun máa wà. Ìdáhùn ìbéèrè yẹn ni mo fi ṣíde àpèjúwe kọ̀ọ̀kan, òun náà ni mo sì fún ní àyè tó pọ̀ jù. Àwọn yòókù tẹ̀lé e ní ṣókí.

Ti akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ báyìí: “Lítà 22 ni àpò yìí gbà. Kọ̀ǹpútà rẹ tí ojú rẹ̀ kò bá ju ínṣì 15.6 lọ ní ibi tirẹ̀ nínú fóòmù, ike omi méjì á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìyókù àyè di ti ìwé rẹ.” Mo lo “o” fún akẹ́kọ̀ọ́, mo sì lo “ẹ” fún òbí àti òṣìṣẹ́. Ìyẹn kò kan òótọ́ kankan, ṣùgbọ́n kò sí òbí tó máa fẹ́ kí ẹni tó ń tajà fún òun máa pe òun ní “ìwọ”.

Ti òbí gba ìrònú ju ti akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Gárántì ni mo fi ṣíwájú. Gbólóhùn tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé “bí síìpù bá bàjẹ́, a ó fún yín ní òmíràn”. Ṣùgbọ́n gárántì nìkan ló wà nínú àkọsílẹ̀ mi, kò sí ohun tó sọ bóyá wọ́n á pààrọ̀ àpò ni tàbí wọ́n á tún un ṣe. Mo pe oníbàárà mi, ó ní àtúnṣe ọ̀fẹ́ ni. Mo fi ìyẹn kún àkọsílẹ̀ náà ná, kí n tó kọ ọ́ sínú àpèjúwe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ìlà funfun ló tẹ̀ lé gárántì nínú ti òbí. Mo sọ pé ó máa ń kọ mànà bí iná ọkọ̀ bá bà á, mo sì dúró síbẹ̀. N kò sọ pé ewu kò ní wu ọmọ lójú títì. Bẹ́ẹ̀ náà ni n kò sọ pé ẹ̀yìn kò ní dun ọmọ, nítorí gíráàmù 900 kò sọ nǹkan kan nípa ẹrù tí ọmọ máa kó sínú àpò. Lórí ìwọ̀n yìí kan náà, ẹ wo “kò tó kílò kan” àti “ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò kan”. Òótọ́ ni méjèèjì, àmọ́ ọ̀kan ń sọ pé ó fúyẹ́, èkejì ń sọ pé ó wúwo. Mo kọ gíráàmù 900 gan-an sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Òjò ló fa àríyànjiyàn nínú ti òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì. Oníbàárà mi fẹ́ kí òjò wínníwínní wà lókè, kí òjò ńlá sì lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ fífọ̀. N kò gbà, torí ẹni tó gbé kọ̀ǹpútà iṣẹ́ sínú àpò ni ọ̀rọ̀ yẹn kàn jù. Mo lè gbé òótọ́ kan ga tàbí kí n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tó bá lọ ni ààlà rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá a lọ. Ohun tí a jọ fẹnu kò sí ni pé: “Òjò wínníwínní kì í wọ inú rẹ̀. Bí òjò bá le, ẹ wá nǹkan bò ó, torí omi lè gba ojú síìpù wọlé.” Nínú ti akẹ́kọ̀ọ́, gbólóhùn náà kúrú, ó sì wà láàárín, ṣùgbọ́n apá méjèèjì pé.

Nígbà tí mo kọ wọ́n tán, mo tẹ̀ wọ́n sórí ìwé, mo sì kọ nọ́ńbà òótọ́ kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ gbólóhùn tó ti jáde. Tí nọ́ńbà kan kò bá sí nínú ọ̀kan, a ti fi nǹkan pamọ́ fún òǹkàwé yẹn nìyẹn. Tí gbólóhùn kan kò bá ní nọ́ńbà, a ti fi nǹkan kún un. Báyìí ni mo ṣe rí “wàràwàrà ni ẹ ó máa yọ kọ̀ǹpútà yín” nínú ti òṣìṣẹ́. Àkọsílẹ̀ mi sọ pé kọ̀ǹpútà ní ibi tirẹ̀, kò sọ pé ibẹ̀ ní síìpù tirẹ̀ láti ìta. Mo yọ gbólóhùn náà kúrò.

Àkọsílẹ̀ onínọ́ńbà yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà fi oṣù 6 kún gárántì, ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ tún un kọ, kí n tó wá gbólóhùn tó ní nọ́ńbà kan náà nínú àpèjúwe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.