Bébà Funfun Lẹ́yìn Iṣẹ́ Kọ̀ọ̀kan: Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Lọ́wọ́ Àwọn Tí Ó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Wọ Iṣẹ́ Ìtẹ̀wé

Ó ti sú mi láti máa wo àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ilé ìtẹ̀wé kékeré lẹ́nu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́, tí wọ́n á ra kátíríìjì tuntun, tí wọ́n á pààrọ̀ rọ́bà tí ń fa bébà, tí àwọn mìíràn á tilẹ̀ ra odidi ẹ̀rọ tuntun, kìkì nítorí pé bébà funfun kan ń jáde láàárín iṣẹ́ méjì tàbí ní ìparí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í dédé ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí wọ́n gbé wá bá mi, ọ̀kan nínú ohun méjì ni ó ṣẹlẹ̀: yálà kọ̀ǹpútà pàṣẹ pé kí ojú ìwé kan jáde nígbà tí kò sí ohunkóhun lórí rẹ̀, tàbí ewé bébà méjì lẹ̀ mọ́ ara wọn tí wọ́n sì jọ jáde. Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ mọ èwo ni ó ń bá jà yóò máa náwó sí ibi tí àìsàn kò sí.

Kí ẹ tó tú ohunkóhun, ohun mẹ́ta ni kí ẹ wò. Èkíní, ṣé bébà funfun náà ń ṣáájú iṣẹ́ ni, àbí ó ń tẹ̀lé e? Èkejì, ṣé láti inú gbogbo ètò orí kọ̀ǹpútà ni ó ti ń wá, àbí láti inú ẹyọ kan ṣoṣo? Ẹ tẹ ìlà kan láti inú Notepad kí ẹ lè mọ ìyẹn. Ẹ̀kẹta, ṣé ẹ̀rọ náà ka bébà náà mọ́ iye ojú ìwé tí ó tẹ̀? Ẹ pa títẹ̀ tojú-tẹ̀yìn, ẹ tẹ ìwé ìròyìn tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ nípa ara rẹ̀, kí ẹ kọ iye tí ó wà níbẹ̀ sílẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ iṣẹ́ olójú-ìwé kan, kí ẹ sì tún tẹ ìwé ìròyìn náà. Bí ẹ bá ti yọ ìwé ìròyìn kúrò nínú ìṣirò, tí iye náà sì fi méjì lé sí i dípò ẹyọ kan, a jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n rán ẹ̀rọ náà níṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan ni ó lé, bébà méjì ni ó jọ yọ́ wọlé.

Àṣìṣe kìíní ni kátíríìjì. Bí lẹ́tà bá hàn ketekete lórí ojú ìwé tí ẹ fẹ́, kátíríìjì kò jẹ̀bi ojú ìwé tí ẹ kò fẹ́.

Àṣìṣe kejì ni kí a máa pààrọ̀ rọ́bà tí ń fa bébà láì ka iye tí mo sọ yìí. Bébà tí ó lẹ̀ mọ́ra kì í ní àkókò: ó lè ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ojú ìwé kẹta lónìí, kó sì tó ogún kí ó tó tún ṣẹlẹ̀ lọ́la, pàápàá lásìkò òjò tí bébà tí a ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì bá ti fa ọ̀rinrin. Ẹ fi ọwọ́ fẹ́ etí bébà kí afẹ́fẹ́ lè wọ àárín rẹ̀, kí ẹ máa fi èyí tí ó kù pamọ́ sínú ìwé tí wọ́n fi wé e, bí kò bá sì yí padà ni kí ẹ tó wo rọ́bà àti pátákó kékeré tí ń ya bébà sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ní ìparí gbogbo iṣẹ́ ni òfìfo náà ń wá, láì yẹ̀ rárá, ẹ fi rọ́bà sílẹ̀.

Àṣìṣe kẹta wà nínú Word, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n sì ń gbé e wá jù. Word kò gbà kí tábìlì jẹ́ ohun tí ó kẹ́yìn nínú ìwé. Ó máa ń fi àmì ìpínrọ̀ kan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ dandan. Bí tábìlì bá kún ojú ìwé dé ìsàlẹ̀, àmì yìí yóò já sí ojú ìwé tí ó kàn, ẹ̀rọ yóò sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní funfun. Ẹ lè tẹ Backspace títí ilẹ̀ ó fi ṣú, kò ní kúrò. Ohun tí a ń ṣe ni pé kí a tẹ Ctrl+Shift+8 kí àmì ¶ lè hàn, kí a yan èyí tí ó kẹ́yìn, kí a sọ ìwọ̀n lẹ́tà rẹ̀ di 1, kí a sì sọ àyè òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ di 0 nínú Paragraph. Bí òfìfo náà bá sì wà láàárín ìwé, ẹ wá Odd Page láàárín orí kan àti èkejì: àṣẹ náà ní kí orí tuntun bẹ̀rẹ̀ ní ojú ìwé tí nọ́ńbà rẹ̀ kò ṣeé pín sí méjì, nítorí náà Word yóò fi ojú ìwé òfìfo dí àyè tí ó bá ṣí sílẹ̀. Next Page ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀.

Èyí tí ń bí mi nínú jù lọ ni ọ̀rọ̀ àwọn ètò àtijọ́ tí ń tẹ risíìtì, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fara dà á fún mi, nítorí n kò mọ bí a ṣe ń sọ ọ́ ní ṣókí. Ìyàwó mi ní bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìlà 66, ńṣe ni mo máa ń dà bí ẹni tí ń ki oríkì baba rẹ̀.

Akápò ilé-ẹ̀kọ́ girama aládàáni kan ní Ìbàdàn ni ó ránṣẹ́ pè mí. Gbogbo risíìtì owó ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá tẹ̀ ni bébà funfun kan ń tẹ̀lé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti ṣáájú mi débẹ̀, ó ti tà wọ́n ní kátíríìjì, ó ti pààrọ̀ rọ́bà, ó sì ti mú kí wọ́n ra ẹ̀rọ lésà tuntun. Ẹ̀rọ tuntun náà ń ṣe ohun kan náà gẹ́lẹ́. Akápò ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó, bébà ló fẹ́ jẹ owó ilé-ẹ̀kọ́ yìí tán." Ẹ̀rọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kì í ní àìsàn kan náà lọ́jọ́ kan náà, ibẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí ẹni tí ó ṣáájú mi ti mọ̀ pé inú kọ̀ǹpútà ni kí òun lọ.

Ètò risíìtì náà ti pẹ́. Ìgbà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé alábẹ́rẹ́ ni wọ́n kọ ọ́, èyí tí bébà rẹ̀ gùn ní íńṣì 11, tí ìlà 6 sì ń wọ íńṣì kan. Ìlà 66 ni ojú ìwé kan nígbà náà. Ètò náà kì í sọ fún ẹ̀rọ pé ojú ìwé ti parí. Ìlà òfìfo ni ó máa ń tì sí ìsàlẹ̀ risíìtì títí yóò fi pé 66, tí bébà yóò sì dé orí ojú ìwé tuntun fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ lésà tí ń lo èdè PCL kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó máa ń fi ìdajì íńṣì sílẹ̀ lókè, ó sì ń fi ìdajì sílẹ̀ nísàlẹ̀, nítorí náà ìlà 64 ni ó ń gbà lórí A4, ìlà 60 sì ni lórí Letter. Lórí A4, ìlà méjì tí ó ṣẹ́kù á já sí ojú ìwé kejì. Kò sí lẹ́tà kankan lórí ìlà méjèèjì, ṣùgbọ́n ojú ìwé kejì ti ṣí.

Bí risíìtì mìíràn bá tẹ̀lé e, ìlà kẹta ojú ìwé náà ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, èyí tí ó kàn á tún rẹlẹ̀ sí i. Ó hàn pé ẹnìkan ti rí èyí rí, tí ó sì lọ sí Printer properties, Advanced, Print Processor, tí ó yan RAW [FF appended]. Èyí ń fi àṣẹ "ti ojú ìwé jáde" kan kún ìparí gbogbo iṣẹ́ tí ó bá gba ibẹ̀ kọjá. Risíìtì kò rẹlẹ̀ mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú ìwé kejì tí ó ti ṣí ni àṣẹ náà ń tì jáde, ní funfun báláú.

Mo ní kí ètò náà kọ risíìtì kan sínú fáìlì dípò kí ó tẹ̀ ẹ́, mo sì ka ìlà rẹ̀ nínú PowerShell:

```
(Get-Content C:\risiti.txt).Count
Format-Hex C:\risiti.txt
```

Ìlà àkọ́kọ́ dá 66 padà. Èkejì fi hàn pé 0D 0A, àmì ìparí ìlà, nìkan ni ó kún ìparí fáìlì náà, tí kò sí 0C níbẹ̀ rárá. 0C ni àmì tí ń ti ojú ìwé jáde. Nínú ètò náà gan-an, àyè wà fún iye ìlà ojú ìwé kan. Mo yí i láti 66 sí 60, mo sì fi RAW [FF appended] sílẹ̀ bí ó ṣe wà. Risíìtì ń parí sórí bébà kan, àṣẹ ìparí ń ti bébà kan náà jáde, kò sì sí òfìfo mọ́. Kò gbà mí ní kọ́bọ̀ kan fún ohun èlò. Ẹ̀rọ wọn ti tẹ́lẹ̀ ṣì wà ní igun yàrá, kò sì sí ohun tí ó ṣe é.

Ẹ má ṣe rò pé 60 àti FF appended ni oògùn ibi gbogbo. Bí ètò tiyín bá ń fi 0C sí ìparí iṣẹ́ fúnra rẹ̀, àṣẹ méjì ni yóò di, èkejì yóò sì mú òfìfo wá. RAW lásán ni kí ẹ yàn nígbà náà. RAW [FF auto] máa ń wo ìparí iṣẹ́, kìkì bí kò bá rí 0C níbẹ̀ ni yóò fi ọ̀kan kún un.

Bí bébà náà bá ń ṣáájú iṣẹ́, ẹ tẹ bọ́tìnì Separator Page, ìyẹn ojú ìwé tí ń ya iṣẹ́ kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, nínú Advanced kan náà. Bí orúkọ fáìlì bíi pcl.sep tàbí sysprint.sep bá wà níbẹ̀, ẹ pa á rẹ́ kí àyè náà ṣófo. Lórí Linux, àṣẹ tí ń pa irú rẹ̀ nìyí, ẹ fi orúkọ ẹ̀rọ yín rọ́pò risiti:

```
lpadmin -p risiti -o job-sheets-default=none,none
```

Pípa spooler, ètò tí ń to iṣẹ́ ìtẹ̀wé jọ kí ó tó dé ẹ̀rọ, àti títàn án padà kò kan ọ̀rọ̀ yìí, nítorí iṣẹ́ tí ó bá tún wọlé yóò wá pẹ̀lú àṣẹ kan náà.

Ní Excel, ẹ tẹ Ctrl+End. Bí ó bá gbé yín lọ sí ibi tí ó jìnnà sí ìṣirò yín, ẹnìkan ti fi nǹkan síbẹ̀ rí, ó lè jẹ́ àyè lásán. Ẹ fi Print Area sí ibi tí ẹ fẹ́.

Díráífà àwọn ẹ̀rọ kan ní àyè tí ń jẹ́ Skip Blank Page, àwọn ọmọ iṣẹ́ sì fẹ́ràn láti yàn án kí wọ́n lè tètè gba owó. Ó lè fi òfìfo tí Word tàbí Excel fà pamọ́, ṣùgbọ́n kì í dé ibi iṣẹ́ tí ètò àtijọ́ ń rán lọ tààrà láì gba ọwọ́ díráífà. Bí oníbàárà bá sì gbé ìwé tí wọ́n fẹ́ dì wá, tí ó mọ̀ọ́mọ̀ fi ojú ìwé òfìfo sí ẹ̀yìn àkọlé rẹ̀, yóò pa ìyẹn náà jẹ, gbogbo orí ìwé yóò sì bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tí kò yẹ. Bí ẹ bá bá a ní títàn lórí ẹ̀rọ tí wọ́n gbé wá, ẹ kọ́kọ́ pa á kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò.