Owó flẹ́ẹ̀sì méjì lórí àwòrán ọkàn kan ṣoṣo

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sanwó flẹ́ẹ̀sì ní Ṣómólú lórí àwòrán kan ṣoṣo, inú ṣì ń bí mi di báyìí. Àwòrán bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń gba inú ọkàn kọjá ni, fún kíláàsì lẹ́sìnnì. Àwọ̀ rẹ̀ ń dán, lẹ́tà rẹ̀ tóbi, ṣùgbọ́n irọ́ ló kún inú rẹ̀.

Àwọ̀ kọ́ ni mo kọ́kọ́ wò, nítorí ẹni tó ya àwòrán ló ń fi àwọ̀ sí i. Rúlà ni mo mú, mo wọn ògiri yàrá ìsàlẹ̀ méjèèjì. Yàrá ìsàlẹ̀ òsì ló ń ti ẹ̀jẹ̀ dé orí títí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró tó wà nítòsí ni ti ọ̀tún ń ti tirẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí ògiri òsì fi máa ń nípọn tó bí ìlọ́po mẹ́ta ti ọ̀tún. Lórí flẹ́ẹ̀sì yìí, ògiri tó wà lápá òsì mi bí mo ṣe dojú kọ ọ́ jẹ́ mílímítà 30, ti apá ọ̀tún mi jẹ́ 10. Èyí tó nípọn yẹn gan-an ni wọ́n wá kọ "yàrá ìsàlẹ̀ ọ̀tún" sí lára.

Ìwé máa ń ya ọkàn bí ẹni pé ẹni tó ni ín dojú kọ wá, nítorí náà òsì rẹ̀ á bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún wa. Bóyá orúkọ ni wọ́n gbé fún ara wọn, bóyá àwòrán ni wọ́n yí, ṣóńṣó ìsàlẹ̀ ọkàn ló máa sọ. Ọwọ́ ọ̀tún wa ló yẹ kó dà sí. Ti èyí dà sí òsì, fẹ́nà kéfà, òpó ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ ara padà wá sínú ọkàn, tó yẹ kó wà lápá òsì wa sì ti kọjá sí ọ̀tún. (Àwọn èèyàn kan wà tí ọkàn wọn dà sí ọ̀tún lóòótọ́, ṣùgbọ́n ti wọn kọ́ ni wọ́n ń béèrè nínú ìdánwò.) Wọ́n ti tẹ bọ́tìnnì Mirror Horizontally, tó ń yí òsì àwòrán sí ọ̀tún, nínú CorelDRAW kí orúkọ lẹ́sìnnì lè ráyè. Lẹ́tà náà yí pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n bá tún un tẹ̀ sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ju pé kí wọ́n yan àwòrán nìkan, kí wọ́n fi lẹ́tà sílẹ̀, kí wọ́n tún bọ́tìnnì yẹn tẹ̀. Gbogbo orúkọ á bá àyè wọn mu. Ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kò gbà. "Ọ̀tún" ló sọ di "òsì", "òsì" ló sọ di "ọ̀tún", ó ní, "Ṣé ẹ rí i, mà, èyí tó nípọn ti di òsì báyìí." Òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n ọkàn ṣì dorí kọ apá ibi tí kò yẹ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ á ṣe yà á. A fa ọ̀rọ̀ yìí títí iná fi lọ tó sì dé.

Nígbà tó wá yí i padà tán, ó ti fọwọ́ kan ọfà méjì. Ó rí òpó ẹ̀jẹ̀ aláwọ̀ búlúù tó lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, ó ní búlúù ló ń bọ̀ wá sí ọkàn, ló bá kọjú ọfà rẹ̀ sínú. Ó sì kọjú ọfà ti òpó pupa, èyí tó ń ti ẹ̀dọ̀fóró bọ̀, síta. Àwọ̀ ń sọ bóyá ẹ̀jẹ̀ ní ọ́síjìn tó pọ̀. Kò sọ ibi tó ń lọ. Fáàfù ló ń sọ ìyẹn. Èyí tó wà ní ìdí òpó búlúù yẹn dà bí àpò ẹ̀wù, ẹnu rẹ̀ sì kọjú sí ẹ̀dọ̀fóró. Bí ẹ̀jẹ̀ bá fẹ́ padà, inú àpò ló máa kún, àwọn àpò náà á sì pàdé, wọn á dí ọ̀nà. Òde nìkan ni ọfà ibẹ̀ lè kọjú sí.

Èyí tó yá jù ni kí ẹ ka ọfà yàrá kọ̀ọ̀kan. Nínú yàrá ìsàlẹ̀ ọ̀tún, ọfà kan wọlé láti òkè, èkejì náà tún wọlé láti inú òpó búlúù, kò sí èyí tó jáde. Yàrá òkè òsì ní ọfà tó jáde, kò ní èyí tó wọlé. Kò sí yàrá kankan nínú ọkàn tó rí bẹ́ẹ̀. Mo fi bírò pupa ká a lórí bébà A4 tí wọ́n kọ́kọ́ fi tẹ àwòrán náà wò, wọ́n tún un ṣe lójú mi.

Ẹ gba bébà A4 yẹn kí wọ́n tó tẹ flẹ́ẹ̀sì. Ṣọ́ọ̀bù mi kò fún mi nígbà àkọ́kọ́, wọ́n sì ní kí n san owó èkejì. Bí ẹ bá ti gbà á, ẹ tọ ìlà orúkọ kọ̀ọ̀kan dé orí. Ìlà "àọ́tà" tèmi, òpó ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde láti yàrá ìsàlẹ̀ òsì, dúró sórí òpó búlúù tó kọjá níwájú rẹ̀, ìyẹn nìkan ni mo fi ọwọ́ ara mi sún.